PIN orí Play Store kò dí ọ̀nà tí ọmọ ń gbà

Ọ̀pọ̀ òbí ló gbà pé bí àwọn bá ti fi nọ́ńbà àṣírí tí à ń pè ní PIN sí Play Store orí fóònù ọmọ, ọ̀rọ̀ áàpù àti fídíò àgbàlagbà ti parí nìyẹn. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún kan, mo sì ṣìnà, nítorí ibi kan ṣoṣo ni nọ́ńbà yẹn ń ṣọ́.

Nígbà tí mo fún ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ní fóònù Android tí mo ti lò tẹ́lẹ̀, mo ṣí Play Store, mo tẹ àwòrán àkántì tó wà ní igun òkè, mo wọ Settings, mo wọ Family, mo sì tan Parental controls. Ó ní kí n yan nọ́ńbà mẹ́rin, kí n tún un tẹ̀, kí n sì mú ọjọ́ orí tí áàpù àti géèmù kò gbọdọ̀ kọjá. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo fi parí rẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo mú fóònù náà láti fi tan iná, mo sì bá ojú-ewé tí kò yẹ ọmọdé nínú Chrome. Kò sí ohun tí ọmọ náà já. Ohun tí Play Store fẹ́ gbé fún ẹni tó ń wá áàpù ni PIN rẹ̀ ń yẹ̀ wò. Kò mọ ohun tí Chrome ń ṣí. Bákan náà, kì í yọ áàpù tó ti wà lórí fóònù kí a tó fi í sí i, èyí tó fi jẹ́ pé gbogbo ohun tí èmi fúnra mi ti gbé síbẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ọmọ. Áàpù tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá sì fi Xender ránṣẹ́ sí i kò gba ọ̀dọ̀ Play Store kọjá rárá.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọmọ lè pa PIN náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo ní kí ó ṣí Play Store níwájú mi, Parental controls ti kú. Ó fi bí ó ṣe ṣe é hàn mí: ó wọ Settings fóònù, ó wọ Apps, ó mú Google Play Store, ó wọ Storage, ó sì tẹ Clear data. “Ẹ má bínú, Dádì, ibẹ̀ kò béèrè nǹkan kan.” Òótọ́ ló sọ. Ara dátà áàpù náà lórí fóònù ni PIN yẹn ń gbé, kì í ṣe ara àkántì, nítorí náà bí a bá ti nu dátà náà, ó bá a lọ. Òbí tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti ṣe é fún òun kàn ní láti padà wo Parental controls: bí ó bá wà ní pípa, tàbí tí kò bá gba nọ́ńbà tí òbí mọ̀, wọ́n ti débẹ̀.

Ohun tí mo wá lò ni Family Link, áàpù Google tí òbí fi ń darí fóònù ọmọ, nítorí pé ara àkántì ọmọ ni àṣẹ rẹ̀ ń gbé, orí fóònù tèmi ni mo sì ti ń darí rẹ̀. Mo kọ́kọ́ nu fóònù náà kí ó padà sí bí ó ṣe rí nígbà tó jáde láti ilé iṣẹ́, kí àkántì tèmi má baà ṣẹ́kù síbẹ̀, mo ṣí àkántì Google tuntun fún ọmọ pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an, mo sì fi òun nìkan wọlé. Ní báyìí, áàpù tó bá fẹ́ gbé máa ń dúró de ìyọ̀ǹda mi. Fún Chrome, mo mú Try to block explicit sites. Ẹ ṣàkíyèsí pé Google fúnra rẹ̀ kò sọ ju pé òun yóò gbìyànjú lọ. Mo fẹ́ràn òótọ́ inú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìbéèrè kan náà ló yẹ ká bi ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n: ibo ni nọ́ńbà yìí ń ṣọ́? PIN inú dẹkódà ń ti ìkànnì tó bá gba inú dẹkódà wọlé, bí a kò bá fi í sílẹ̀ sí 1234 tàbí 0000 tó bá a dé. Kò kan fíláàṣì tí a kì bọ tẹlifíṣọ̀n náà lẹ́yìn. Lórí Netflix, àwọn òbí kan máa ń ti ojú-ìwò ọmọ, èyí tí wọ́n ń pè ní profile, wọ́n á sì fi tiwọn sílẹ̀ gbayawu. Tiwọn gan-an ni ó yẹ kí wọ́n fi Profile Lock tì, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ yóò bọ́ sí.

Ní ti fídíò tó wà lórí mẹ́mórì káàdì ọ̀rẹ́ rẹ̀, Family Link kò rí i.