Mo rin 2,000 mítà, àpapọ̀ ní 2,634 ni

Ajírìn: Mo rìn yí pápá ìṣeré ká lẹ́ẹ̀marùn-ún. 400 mítà ni ìyípo kan. Fóònù mi ń kọ ibi tí mo wà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Mo ro gbogbo àlàfo pọ́ìntì sí pọ́ìntì pọ̀, ó di 2,634. Ibo ni 634 ti wá?

Alárà: Fóònù yín ti gbó. Ẹ ra òmíràn.

Èèmọ̀: Tèmi wà lórí tábìlì níbi tí mo ti ń jẹun, ó ní mo ti rin kìlómítà kan. Mo bá jókòó, mo sinmi 😂

Àwòyẹ: GPS a máa yà sọ́tùn-ún, a máa yà sósì. Ọ̀kan á pa èkejì rẹ́. Ẹ tún ìṣirò yín ṣe.

Ìyá Máàpù: Ó lè rí bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ ìpíndọ́gba ibi tí àwọn pọ́ìntì wà lo ń wá. Gígùn kì í dín. Ó yà lọ, ó fi kún un. Ó yà bọ̀, ó tún fi kún un. Ajírìn, bíi 1.4 mítà lò ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ká ní pọ́ìntì kọ̀ọ̀kan fi 1.2 mítà péré yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀: √(1.4² + 1.2²) = 1.84. Bí 2,000 ṣe ń di bíi 2,630 nìyẹn.

Bàbá Fọ́múlà: Fọ́múlà `haversine` tó ka ayé sí róbótó lẹ fi wọn àlàfo, àbí? Ayé kò rí róbótó. Ibẹ̀ ni wàhálà wà!

Ìyá Máàpù: Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ò tó mítà kan nínú 100. Tiwọn lé ní 30.

Bàbá Fọ́múlà: Mo ti ń ya máàpù kí wọ́n tó bí ẹ.

Èèmọ̀: Ṣé ayé róbótó nígbà yẹn ni, bàbá?

Bàbá Fọ́múlà: Ìwọ tí fóònù rẹ ń rìn lórí tábìlì, panu mọ́.

Ajírìn: Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Máàpù: Mú pọ́ìntì kan nínú mẹ́wàá. O ti rin mítà 14 kí èkejì tó dé, yíyà 1.2 yẹn ò tún lágbára mọ́: 14.05. Àmọ́ má fi ìṣẹ́jú kan gbáko sáàárín o. Níbi tí pápá ti tẹ̀ kọrọdọ, ìlà tààrà á gé kọ̀rọ̀, mítà 84 á di 67. Èèmọ̀, tìẹ yàtọ̀: pọ́ìntì tí kò bá tíì fi mítà 10 jìnnà sí èyí tí o kà kẹ́yìn, fò ó.

Àwòyẹ: Ṣùgbọ́n àṣìṣe GPS kì í fò kiri lójú ẹsẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń sún. Ó lè ṣì fi mítà 10 sún nígbà tí fóònù wà lójú kan.

Ìyá Máàpù: Òótọ́ nìyẹn. Ó dín in kù ni, kò pa á tán.

Ajírìn: Kan nínú mẹ́wàá fún mi ní 2,011!

Bàbá Fọ́múlà: 11 yẹn, `haversine` ni.

Alárà: Ẹ RA FÓÒNÙ TUNTUN!!!

Èèmọ̀: Tábìlì tuntun lèmi fẹ́ rà. Èyí ń rìn jù.