Àátì Wo Ni Ìjọba Ń Wí?

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kéde lóṣù kẹwàá ọdún 2025 pé kírẹ́díìtì Ìṣirò kò pọn dandan mọ́ fún ọmọ àátì tó fẹ́ wọ yunifásítì, kò pẹ́ tí wọ́n tún fi jáde ṣàlàyé pé tipátipá ni gbogbo ọmọ yóò ṣì forúkọ sílẹ̀ fún Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, tí wọn yóò sì jókòó ṣe é. A fara mọ́ méjèèjì. Ohun tí a kò fara mọ́ ni pé wọ́n sọ “àátì”, wọn kò sọ èwo.

Ní girama, ọmọ tó ń ka Lítíréṣọ̀, Gọ́fúmẹ́ǹtì àti ẹ̀kọ́ Bíbélì, ọmọ àátì ni. Ní yunifásítì, fákọ́tì ló ń pín wọn. Ẹ̀kọ́ ìṣèlú, tí ọmọ àátì ń dù bí ẹni ń dù ọ̀nà ọ̀fun, abẹ́ sáyẹ́ǹsì àwùjọ ló wà, ìlànà tuntun náà kò sì gba Ìṣirò kúrò lọ́rùn sáyẹ́ǹsì àwùjọ.

Ẹ jẹ́ ká ní ọmọbìnrin kan gba A1 nínú Yorùbá, B3 nínú Gẹ̀ẹ́sì àti Lítíréṣọ̀, C4 nínú Gọ́fúmẹ́ǹtì àti ẹ̀kọ́ Bíbélì, ṣùgbọ́n D7 ni Ìṣirò fún un. C6 ni kírẹ́díìtì mọ, D7 kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, márùn-ún rẹ̀ ti pé. Bó bá yan ẹ̀kọ́ ìtàn, ìlànà tuntun gbè é. Bó bá fi èsì yìí kan náà yan ẹ̀kọ́ ìṣèlú, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìdánwò JAMB kò sì ní ta á lólobó, nítorí Gẹ̀ẹ́sì, Lítíréṣọ̀, Gọ́fúmẹ́ǹtì àti ẹ̀kọ́ Bíbélì lè gbé e dé ẹnu ọ̀nà méjèèjì. Ó lè gba máàkì tó jọjú kó tó mọ̀ pé òun ti ṣìnà.

Ti ẹ̀kọ́ ìròyìn tún wá lọ́jú pọ̀. Ní Ìbàdàn, fákọ́tì àátì ni ẹ̀ka ìbánisọ̀rọ̀ wà; níbòmíràn, abẹ́ sáyẹ́ǹsì àwùjọ ni wọ́n fi í sí. Ta ni kí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún bi?

A ti sọ ọ́ nínú ojú ewé yìí rí pé òfin tó kan ìwé ọmọ, kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí wọ́n fi kọ ọ́, kì í ṣe fákọ́tì. JAMB ní IBASS, níbi tí èèyàn ti lè wo ohun tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń béèrè fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni kí mínísítà ti sọ̀rọ̀, kì í ṣe níwájú àwọn akọ̀ròyìn. Kí ló tún ń dá wọn dúró? Ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti kéde, ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti tún ìkéde ṣe, àfi kí wọ́n jókòó ti àtẹ kan ṣoṣo ló wá nira!

Kí ìforúkọsílẹ̀ JAMB tó ṣí ni kí gbogbo yunifásítì ti kọ ọ́ síbẹ̀, ní iwájú orúkọ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan: à ń béèrè Ìṣirò, tàbí a kò béèrè rẹ̀. Yunifásítì tí kò bá kọ ọ́ kò gbọdọ̀ fi D7 lé ọmọ kankan padà lọ́dún náà.