Ẹ nà mí torí rìláàsà nílé-ìwé, ẹ tún ń dá mi lẹ́bi lọ́fíìsì torí pé mi ò ṣe é

Ọjọ́ Ajé tó kọjá, mi ò tíì gbé báàgì mi kalẹ̀ tí ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ fi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣe mí lóore. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan ṣe sí irun yín kó tó di aago mẹ́wàá. Àwọn àlejò ń bọ̀ láti Èkó. Ó rọ́ọ̀fù jù."

Irun tí mo fọ̀ ní Sátidé ni wọ́n ń pè ní rọ́ọ̀fù yẹn o. Mo fi òrí pa á, mo fi òòyà eléyín ńlá yà á díẹ̀díẹ̀ láti ìdí, mo kó o jọ sẹ́yìn, mo fi ìdè dúdú so ó. Kò dọ̀tí, kò rùn, kò ta sí ẹnikẹ́ni lójú. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ ni pé ó rí bó ṣe hù. Ọmọbìnrin tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi wọ wíìgì tó gùn dé ìdí, kò sẹ́ni tó pe òun. Mi ò bínú sí i, orí rẹ̀ ni, ohun tó wù ú ni kó dé sí i. Àwọn tó ń fi òun wọn èmi ni mo ń bá wí.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé mo ti jẹ ìyà òdìkejì rẹ̀ rí. Ní ilé-ìwé girama tí mo lọ n'Ìbàdàn níbí, ara pátákó ni wọ́n ń kọ irun ọ̀sẹ̀ sí. Bí ọ̀sẹ̀ yìí bá jẹ́ ṣùkú, tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á jẹ́ ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, pátẹ́wọ́ á tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ṣèèṣì di òmíràn wá á lọ fi orúnkún rìn lórí pápá. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, àǹtí mi ṣe rìláàsà fún mi nínú họlidé. Ọjọ́ tí a wọlé ni wọ́n pè mí jáde nídìí ìlà. Ẹgba mẹ́fà, lẹ́yìn náà wọ́n fi sísọ́ọ̀sì ya ọ̀nà sí àárín orí mi níṣojú gbogbo ilé-ìwé, wọ́n ní kí n lọ parí èyí tó kù lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Wọ́n ní ọmọ tó fẹ́ di aṣẹ́wó ló ń na irun. Àwọn ilé-ìwé mìíràn tiẹ̀ wà tí wọ́n ń ní kí gbogbo ọmọbìnrin gé irun mọ́lẹ̀ pátápátá, kí wọ́n má bàa ní ohun tí wọ́n á máa ṣe lóge.

Ẹ wá wò ó. Ọmọ tí ẹ nà ní ọmọ ọdún 15 torí pé irun rẹ̀ tọ́, bó bá pé ọdún 23 tó wá wáṣẹ́, ẹ̀yin kan náà lẹ tún jókòó sẹ́yìn tábìlì tí ẹ ń béèrè pé kí ló dé tí irun rẹ̀ ò tọ́. Ìgbà wo lẹ fẹ́ kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irun orí tirẹ̀? Nílé-ìwé, onídìrí ló ń bá a ṣe é ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Bó ṣe jáde ni rìláàsà gbà á. Ọ̀pọ̀ nínú wa pé ẹni ọgbọ̀n ọdún ká tó mọ bí irun tiwa gan-an ṣe ń rí nígbà tó bá gùn.

Àwọn tó ń sọ pé "kí ló wà níbẹ̀, sá lọ ṣe rìláàsà" kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí.

Ìyá tó bá ti se ọṣẹ dúdú rí mọ omi eérú. Kì í fi ọwọ́ lásán kàn án. Ìbátan omi eérú ni rìláàsà. Kọ́sítíìkì sódà tí àwọn ọlọ́ṣẹ ń lò gan-an ló wà nínú èyí tó le jù nínú wọn. Àwọn tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní sódà náà ń lo èròjà mìíràn tí agbára rẹ̀ sún mọ́ ti sódà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé wọ́n ń po nǹkan méjì pọ̀ nínú ike kí wọ́n tó fi í sórí. Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó tàbí bó ṣe dà bí omi eérú tó, láti 0 dé 14. Omi lásán wà ní 7, awọ orí èèyàn wà ní nǹkan bíi 5. Rìláàsà wà láti 12 lọ sókè. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń já àwọn ìdè tí imí-ọjọ́ fi so inú fọ́nrán irun, àwọn ìdè tó jẹ́ kí irun wa lè ká. Bí wọ́n bá ti já, wọn kì í padà so bó ṣe wà mọ́. Èyí tó bá ń hù bọ̀ nísàlẹ̀ á tún ká, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ní ká padà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ.

Ní ọdún 2016, mo fẹ́ lọ fún ìntáfíù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní, "Má gbé orí yìí débẹ̀ o, wọn ò ní mú ẹ." Mo gbọ́ràn. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ni pé alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo tú irun tó wà lórí, mo sì fi òòyà họ orí dáadáa. Ẹni tó bá họ orí ti la ojú ọgbẹ́ wẹ́wẹ́ tí kò rí, ibẹ̀ ni rìláàsà ń gbà wọlé. Onídìrí ò bi mí, kò sì fi fasilíìnì pa awọ orí àti etí mi kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ń kùn ún láti ẹ̀yìn bọ̀ níwájú, ó sì ń bá oníbàárà mìíràn sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tó fi ń ta mí. Mo ní, "Ó ń jó mi o." Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ fara dà á, kò tíì mú."

Gbogbo obìnrin tó bá ń ka èyí ló mọ gbólóhùn yẹn. Kò tíì mú! Bí ó bá ti ń jó èèyàn, ó ti mú awọ orí nìyẹn, irun nìkan ni kò tíì mú. Ìgbà tí omijé bọ́ lójú mi ló tó gbé mi lọ síbi omi. Ṣáńpù kan wà tí wọ́n ń fi fọ̀ ọ́ kúrò, tí wọ́n ṣe lọ́nà tí ìfófòó rẹ̀ á fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí omi ìṣápá tí wọ́n là, bí rìláàsà bá ṣì kù nínú irun. Bó bá tán, ìfófòó á di funfun. Ẹ̀ẹ̀kan ló fọ tèmi. Mo rí ìfófòó náà bó ṣe ń ṣàn lọ nínú bésìnì, ó ṣì pọ́n. Ṣáńpù ló tán, ó bá fi táwẹ̀lì nù mí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìrọ̀rí ti lẹ̀ mọ́ mi lórí. Omi ń yọ lójú méjì lẹ́yìn etí, irun gan mọ́ inú èépá. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ jókòó níwájú wọn, tí mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n yìn mí pé mo múra dáadáa. Wọ́n gbà mí. Ojú kan lẹ́yìn etí òsì mi kò tíì hurun padà di òní.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, àwọn olùṣèwádìí l'Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kan jáde lórí obìnrin tó lé ní 33,000 tí wọ́n ti ń tọ̀ lẹ́yìn láti bí ọdún 11. Wọ́n ṣírò pé nínú 100 obìnrin tí kò lo ohun tí ń na irun, kò tó 2 tí jẹjẹrẹ ilé-ọmọ máa mú kó tó pé ẹni 70 ọdún. Láàárín àwọn tó ń lò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún kan, ó tó 4. Wọn ò sọ pé àrídájú ti wà pé rìláàsà ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ yẹn: ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ́dún ni, kí ọ̀gá kan lè sọ pé orí mi nítì.

Wọ́n á ní kí n wọ wíìgì nígbà náà. Mo wọ̀ ọ́ fún ọdún mẹ́ta, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù níwájú orí. Bí iwájú orí ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í pá ni pé ibi tí irun ti pàdé iwájú orí á máa yún èèyàn, á máa yọ kókó wẹ́wẹ́, irun ibẹ̀ á máa já kúkúrú kúkúrú. Bí èèyàn bá sinmi nígbà yẹn, ó lè padà hù. Bó bá ń bá a lọ títí tí ibẹ̀ fi ń dán bí awọ ìlù, tí kò sí ojú ihò irun mọ́, kò sí òrí tàbí àdí tó lè mú un hù. Ẹ wo iwájú orí àwọn ìyá wa nígbà tí wọ́n bá ṣí gèlè, ẹ ó rí ohun tí mo ń wí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ló mú kí n pinnu. Ọmọ ọdún méje ni. Oṣù tó kọjá, ilé-ìwé rẹ̀ kọ̀wé sí mi pé irun rẹ̀ "kò bójú mu," torí pé mo dì í ní pátẹ́wọ́ nílé, mi ò fà á le, ó sì ti ń hu wúruwùru kó tó di ọjọ́ kẹta. Mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ onídìrí, wọ́n dì í bí wọ́n ṣe fẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà kò lè fi orí lélẹ̀ sùn. Mo tan iná, mo wo ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀: kókó funfun wẹ́wẹ́ mẹ́jọ tò tẹ̀ léra wọn sídìí ìlà àkọ́kọ́. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo tú gbogbo rẹ̀ títí di aago kan òru. Ó ń bi mí pé, "Màámi, àǹtí wa máa bínú?"

Ó yẹ kí tíṣà rẹ̀ wà níbẹ̀ kó dá a lóhùn.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ajé yẹn, mi ò lọ wá nǹkan kan ṣe sí irun mi. Mo bá àwọn àlejò ará Èkó yẹn jókòó bí mo ṣe wà, a ṣe iṣẹ́ wa, wọ́n lọ. Lẹ́yìn náà mo kọ̀wé sí ọ̀gá wa. Mo ní kí wọ́n bá mi kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú ọwọ́ wọn níbẹ̀, òfin ilé-iṣẹ́ tí irun mi rú àti ojú ìwé tí òfin náà wà. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀. Mo ní ó ti le, kí wọ́n ṣáà kọ ọ́.

Wọn ò tíì kọ ọ́. Ọ̀la ni ọjọ́ Ajé. Mo ti fọ irun mi, mo ti fi òrí pa á, ìdè dúdú yẹn ni mo tún máa fi so ó.