Kíríátínìn yín "nọ́má" kẹ̀? Ẹ ní sùúrù ná

Àná ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ju rìsọ́ọ̀tì sínú gúrúùpù ẹbí wa: kíríátínìn 1.1, lábù sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé 0.6 sí 1.2 ló yẹ kó jẹ́, wọ́n ní kíndìnrín àwọn pé pérépéré, gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn kú oríire. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o.

Pàǹtí tó ń jáde látinú ẹran ara wa ni kíríátínìn, kíndìnrín ló ń sẹ́ ẹ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ sínú ìtọ̀. Géńdé tó ki, tiẹ̀ á pọ̀, ìyá àgbà tó ti gbẹ, tiẹ̀ á kéré. Àmọ́ 0.6 sí 1.2 yẹn, lábù ò béèrè ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ kó tó kọ ọ́.

Màmá mi ni mo fi mọ̀. Nígbà tí wọ́n pé ọdún 63, kíríátínìn wọn jẹ́ 0.7. Nígbà tí wọ́n pé 70 ó di 1.1, ẹnikẹ́ni ò fi bíírò pupa fa ìlà sábẹ́ ìkankan, nọ́má ni, nọ́má ni. Èmi ni mo jókòó tì í, mo tẹ nọ́ńbà méjèèjì sínú CKD-EPI 2021, ìṣirò tí àwọn dókítà fi ń díwọ̀n iṣẹ́ kíndìnrín, lórí fóònù, ọjọ́ orí àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin ló ń béèrè, kó tó gbé eGFR jáde, ìyẹn ìwọ̀n bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí. Ti ọdún 63 jẹ́ 97. Ti 70 jẹ́ 54! Ó kù díẹ̀ kó já sí ìdajì, inú "nọ́má" yẹn náà ló ti já. Ẹ wá fún ọmọkùnrin ọdún 25 ní 1.1 kan náà, 96 ló máa gbé jáde.

54 bọ́ sí ìpele 3a nínú àwọn ìpele àìsàn kíndìnrín, torí láti 45 dé 59 ni ìpele yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ò tó láti pè é ní àìsàn kíndìnrín o, ó gbọ́dọ̀ lé ní oṣù mẹ́ta, la bá tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, 54 náà ló tún jẹ́, wọ́n sì yẹ ìtọ̀ wọn wò, àlùbúmínì inú ẹ̀, ìyẹn purotéènì tó ń jò látinú ẹ̀jẹ̀ sínú ìtọ̀, jẹ́ 180 mg/g nígbà tó yẹ kó wà lábẹ́ 30. Dókítà gba ibuprofẹ́ìnì tí wọ́n ń lò sí orúnkún lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà, torí ó lè pa kíndìnrín lára, ó fún wọn ní lọ́sátáànì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó tún ń dáàbò bo kíndìnrín.

Àwọn tó ń sọ pé "mò ń tọ̀ dáadáa, nǹkan kan ò dùn mí", màmá mi náà ń tọ̀ dáadáa.

Ó dáa, ìdíwọ̀n lásán ni eGFR, ẹni tó jẹ ẹran rẹpẹtẹ ní alẹ́ àná tàbí tó ń gbé irin ní jíìmù lè rí iye tó kéré ju òótọ́ lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo ti bá yín ṣírò tiyín, ẹ̀yin ọkùnrin ọdún 68: 73. Kò burú. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru yín ti pé ọdún mẹ́wàá, ta ló ti yẹ ìtọ̀ yín wò rí?