"Báńkì kúkú ti rí i": ìdí tí ìwé ẹ̀sùn wa kì í fi í lójú

Bí wọ́n bá yọ owó lára káàdì èèyàn l'Ábẹ́òkúta, ohun tí mo máa ń gbọ́ ni pé, "Kí ni mo tún fẹ́ máa kọ? Báńkì kúkú ti rí gbogbo ẹ̀." Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ò ju pé owó jáde lọ. Wọn ò lè mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ ná an, àfi tẹ́ ẹ bá sọ bó ṣe jẹ́.

Ó ṣojú mi lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú. Ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ò ju "Wọ́n ti kó owó mi, ẹ bá mi dá a padà" lọ. Ó di ọjọ́ mélòó kan, báńkì pè wọ́n: "Mà, èwo ni kì í ṣe tiyín níbẹ̀?" Nígbà tá a jọ wo àkáǹtì wọn, ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ₦18,500, ₦18,500 àti ₦6,000. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi ₦6,000 ra epo ní Kútọ̀! Ìyẹn nìkan tó láti da ẹ̀sùn rú. A yọ ọ́ kúrò, a sì tún un kọ:

"Sátidé, 8/3/2025, aago 2:17 ọ̀sán, ₦18,500, POS, RRN 506714038221. Mi ò ná an. Káàdì mi, tí nọ́ńbà mẹ́rin ìparí rẹ̀ jẹ́ 4471, wà lọ́wọ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù n'Ítòkú. Aago 2:40 ni mo ní kí báńkì ti káàdì náà pa."

₦18,500 kejì ní ìlà tiẹ̀, pẹ̀lú RRN tiẹ̀. Tí kò bá sí nọ́ńbà yẹn, ẹni tó ń wò ó lè rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lowó jáde, pé ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì ni. RRN jẹ́ nọ́ńbà méjìlá tó ń bá owó káàdì rìn láti ibi ẹ̀rọ POS dé báńkì tó ni ẹ̀rọ náà. Òun ni báńkì yín á fi bi báńkì kejì pé kó mú ẹ̀rí wá. Tẹ́ ẹ ò bá rí i nínú àlẹ́ẹ̀tì, ẹ wo àlàyé iwájú owó náà nínú àkọsílẹ̀ àkáǹtì, kẹ́ ẹ dà á kọ bó ṣe wà gan-an, tàbí kẹ́ ẹ bi báńkì.

Ọjọ́ náà máa ń da èèyàn láàmú. Owó tó jáde ní Sátidé lè hàn nínú àkọsílẹ̀ ní Mọ́ńdè. Ẹ kọ méjèèjì, torí ẹni tó bá wá a ní ọjọ́ kan ṣoṣo lè má rí i.

Ẹ má kọ gbogbo nọ́ńbà iwájú káàdì, ẹ má sì kọ PIN tàbí nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn rẹ̀. Tó bá jẹ́ PIN yín ni wọ́n fi yọ ọ́, wọ́n á bi yín ẹni tó mọ̀ ọ́n, ọ̀ràn náà á sì le díẹ̀. Ẹ sọ òtítọ́.

Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ìdáhùn, ìwé kan náà pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn lẹ máa fi ránṣẹ́ sí Báńkì Àpapọ̀ ní cpd@cbn.gov.ng. Ìyá alàdìrẹ ò tiẹ̀ dé ibẹ̀ tí ₦37,000 wọn fi padà.