Ẹ má fi AI tún lẹ́tà kọ sára fọ́tò ìyá yín mọ́

Ẹni tó bá tún sọ fún mi lọ́sẹ̀ yìí pé "ṣebí AI ló ń ṣe gbogbo ẹ̀", màá fún un ní àga, kó jókòó, kó fi AI náà ṣe é lójú mi.

Ẹ̀gbọ́n kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ẹ kúkú mọ̀ pé fọ́tò àtijọ́ ni mo ń tún ṣe n'Íbarà l'Abẹ́òkúta níbí, àwọn tó ń múra ìsìnkú ló sì pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Fọ́tò ìyá wọn ni ẹ̀gbọ́n yìí gbé wá. Àwọn obìnrin ìjọ ló wà nínú ẹ̀, wọ́n wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n tò sẹ́yìn pátákó funfun kan tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ̀wé sí. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan ní Kútọ̀ ti bá àwọn tún un ṣe lórí fóònù, kíá ló parí ẹ̀, kò sì gbowó gidi, bánnà nìkan ló kù kí n bá wọn tẹ̀.

Mo wo gèlè àwọn ìyá, ó dáa. Mo wo ògiri ẹ̀yìn wọn tó ti là tẹ́lẹ̀, ó dáa gan-an, ká má purọ́. Mo wá wo pátákó. Ibi tí wọ́n kọ IDUPẸ IKORE sí ti di IDUFEB IIKORE. ỌDUN 1974 tó wà lábẹ́ ẹ̀ ti di ODUN 1914. Bánnà kan náà ló sì máa gbé e jáde pé ìyá tí wọ́n fẹ́ sin, 1938 ni wọ́n bí wọn.

Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ní, "Ìwọ náà, ta ló máa wo ibẹ̀?"

Ta ló máa wo ibẹ̀! Ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròhìn lédè Yorùbá ní 1859, ẹ fẹ́ gbé bánnà kọ́ sí ojú títì, kí ẹnikẹ́ni má kà á?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń múra láti kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi pé àwọn AI tuntun ti ń kọ lẹ́tà dáadáa. Wọ́n ń kọ ọ́, bí o bá ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Òyìnbó méjì gàdàgbà sórí àkàrà òyìnbó. Èyí tí mò ń sọ yàtọ̀. Mò ń sọ nípa pé o ní lẹ́tà kéékèèké lára fọ́tò tó ti ya, o fi búrọ́ọ̀ṣì kun ojú ibi tó ya, o sì ní kí AI dí i fúnra ẹ̀, èyí tí wọ́n ń kọ `Inpaint` sí lórí ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi fọ́tò ìyá yẹn ṣàlàyé ohun tó fà á. Íńṣì 7 ni fífẹ̀ ẹ̀, íńṣì 5 ni gíga. Bí mo bá fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà ẹ̀ ní píksẹ̀lì 600 sí íńṣì kan, ó máa fún mi ní píksẹ̀lì 4200 sí 3000. Nínú ìyẹn, lẹ́tà ara pátákó ga tó píksẹ̀lì 60, àmì tó wà lábẹ́ Ẹ ò sì tó 10. Lójú mi, ó tó kà. Àmọ́ ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ fóònù wọ̀nyẹn kì í ṣiṣẹ́ lórí gbogbo fọ́tò bó ṣe rí. Wọ́n á kọ́kọ́ sún un kì kí fífẹ̀ ẹ̀ tó bíi píksẹ̀lì 1024. Ìdá kan nínú mẹ́rin fífẹ̀ ẹ̀ ló ṣẹ́ kù nìyẹn: lẹ́tà di píksẹ̀lì 15, àmì abẹ́ di 2. Ibẹ̀ kọ́ ló tún parí sí o. Àwọn AI tó ń ya àwòrán irú Stable Diffusion kì í ya píksẹ̀lì ní tààrà. Wọ́n máa ń ká gbogbo píksẹ̀lì 8 sí 8 pọ̀ sínú yàrá kan ṣoṣo, inú àwọn yàrá yẹn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n tó wá tú u padà sí fọ́tò. Lẹ́tà tó ga ní píksẹ̀lì 15 ò tó yàrá méjì. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ P yàtọ̀ sí F nínú yàrá méjì? Àmì abẹ́ Ẹ ò tiẹ̀ lè kún ìdajì yàrá kan.

Ó sì wá kù síbì kan. AI mọ bí lẹ́tà ṣe máa ń rí: ìlà dúdú lórí funfun, òmíràn tẹ̀, òmíràn dúró ṣánṣán. Kò mọ̀ pé IDUPẸ jẹ́ ọ̀rọ̀. Ìwé Yorùbá tó ní àmì lábẹ́ ò sì pọ̀ nínú ohun tó fi kọ́ṣẹ́. Nítorí náà, ohun tó bá ṣáà ti jọ lẹ́tà ló máa fi dí i. Lórí gèlè, ìyẹn ò burú rárá, torí kò sẹ́ni tó ka ìlà ara gèlè ìyá ẹ̀ rí. Tó bá jọ gèlè, gèlè ni. Lẹ́tà ò gba bẹ́ẹ̀.

Bí o bá gé pátákó nìkan sọ́tọ̀, tí o fẹ̀ ẹ́ kí o tó fún AI, àbí tí o tẹ `Only masked` lórí àwọn tó ní in, kó lè ṣiṣẹ́ lórí ibi tí o kùn nìkan, lẹ́tà máa tọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ṣe é. IDUBE ló fún mi.

Ohun tó tiẹ̀ bí mi nínú jù ni ọdún yẹn. Ibi tí fọ́tò ti ya ò dé ọ̀dọ̀ 1974 rárá! Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ká gbogbo fọ́tò pọ̀ tí wọ́n sì tú u, ibi tí o ò fọwọ́ kàn náà máa yí díẹ̀, àfi bí irinṣẹ́ náà bá mọ̀ pé kí òun dá ti tẹ́lẹ̀ padà síbẹ̀. Ti fóònù ọmọ yẹn ò mọ̀. Mo gbé fọ́tò àkọ́kọ́ lé orí èyí tó ṣe nínú Photoshop, mo yí i sí `Difference`. Ibi tí nǹkan kan ò bá ti yí máa dúdú kirikiri, ibi tó bá yí máa tàn. Ẹ̀gbọ́n ń retí pé ibi tó ya nìkan ló máa tàn. Bí wọ́n ṣe rí i tí 7 ń tàn yanranyanran nínú òkùnkùn, wọ́n dákẹ́.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ lẹ̀ ẹ́. Gèlè àti ògiri tí ọmọ Kútọ̀ ṣe, mi ò dà wọ́n nù, mo fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Pátákó ni mo dá padà sí ti àkọ́kọ́, pẹ̀lú yíya ẹ̀. Mo kọ́kọ́ tún funfun pátákó ṣe kí n tó kan lẹ́tà kankan. `Clone Stamp` ni mo lò nítòsí lẹ́tà, kì í ṣe `Healing Brush`, torí ìyẹn máa ń po àwọ̀ àyíká pọ̀, bó bá ti kan ọ̀dà dúdú, ó máa fa nǹkan kan bí èéfín.

P àti Ẹ ni yíya gba orí wọn kọjá. Ẹni tó kọ pátákó yẹn ti bá wa ṣe iṣẹ́ náà tán, ẹ ṣáà wò ó: E kan wà níparí IKORE, R náà wà níbẹ̀. Mo gé R, mo pa ẹsẹ̀ ẹ̀ rẹ́, ó di P. Ọwọ́ kan náà ló kọ ọ́, bí orí R ṣe tẹ̀ ni orí P náà tẹ̀. Mo gbé E wá, mo lọ mú àmì abẹ́ Ọ nínú ỌDUN, mo fi sábẹ́ ẹ̀. Mo fa ìlà méjì láti ara I, D, U tí nǹkan kan ò ṣe, ọ̀kan lórí, ọ̀kan nísàlẹ̀, mo wá fi `Free Transform` na àwọn tí mo gbé wá kí wọ́n bá ìlà náà mu, torí pátákó yẹn dagun díẹ̀. Ìpele tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí mo gbé wá wà ni mo fi sí `Darken`, kí funfun tó tẹ̀ lé lẹ́tà má baà bo pátákó. Bí mo ṣe mọ̀ pé ó bọ́ síbi tó yẹ ni pé ìyókù P ṣì yọ díẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì yíya. Nígbà tí tèmi wọlé, àwọn ìyókù náà pàdé ẹ̀ láìyà bàrá. Ó jẹ gbogbo ọ̀sán mi, iná sì tún lọ láàárín, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀lú.

Ìlà kẹta ló wá kù. Ibẹ̀ ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn wà, ibẹ̀ sì ni omi ti jẹ fọ́tò náà. Ohun tó hàn ni ẸGBẸ IFẸ, àyè lẹ́tà mẹ́rin tó ti ṣí kúrò, lẹ́yìn náà N. Àbúrò ìyá lọ́kùnrin ní Ìfẹ́ṣọ̀kan ni. Ọ̀rẹ́ ìyá tó wà nínú fọ́tò gan-an ní irọ́ ni, Ìfẹ́lódùn ni. Ẹ kà á wò, lẹ́tà mẹ́jọ-mẹ́jọ ni méjèèjì. Mo wá abẹ́ àyè yẹn tótó, torí Ṣ àti Ọ á ní àmì lábẹ́, L àti O ò ní ní in. Ibẹ̀ gan-an ni omi jẹ jù.

Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu rèé. Ìfẹ́lódùn rọrùn fún mi. O wà, D wà, U wà lórí pátákó, tí mo bá sì pa apá E rẹ́, L nìyẹn. Fún Ìfẹ́ṣọ̀kan, kò sí S kankan tí mo lè yá, kò sí A. Bí mo bá kọ èyí tó rọrùn fún mi, ọwọ́ ẹni tó kọ pátákó náà ló máa jọ, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé pé èmi ni mo yàn án. Wúruwùru tí AI ṣe, ó kéré tán, ẹni tó bá wò ó á mọ̀ pé nǹkan kan ṣe ibẹ̀.

Mo fi àyè yẹn sílẹ̀ ní funfun. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ò sanwó kí wọ́n lè gba pátákó tó ní ihò, pé kí n ṣáà kọ ti ọ̀rẹ́ ìyá, ṣebí òun ló wà níbẹ̀. Mi ò tíì dá wọn lóhùn, bẹ́ẹ̀ ọ̀la ni wọ́n fẹ́ kí n tẹ bánnà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí, ṣé ẹ máa kọ ọ́ àbí ẹ máa fi í sílẹ̀?