Márùndínlógójì kì í ṣe 45

Ìnáwó kan ń bọ̀ nínú ẹbí wa, Màmá wa àgbà sì fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí Wásáàpù nítorí àga tí a máa yá. Wọ́n ní: "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ o. Àwa ará ilé, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ará ìjọ, márùndínlógójì. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi, márùndínláàádọ́ta. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ márùndínlọ́gọ́rùn-ún."

Àbúrò mi ló gbé bírò. Ó kọ 15, ó kọ 45, ó kọ 55, ó wá kọ 105 sí ìdí àpapọ̀. Nígbà tó ro ó pọ̀, 115 ló jáde. Ló bá ní Màmá ti dàgbà, wọn ò mọ ìṣirò mọ́.

Màmá mọ ìṣirò dáadáa. 15, 35 àti 45 ni wọ́n pè, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 95 géérégé. Àbúrò mi ló fi mẹ́wàá kún gbogbo ohun tó gbọ́ "dín" nínú rẹ̀. Ohun tó tú u fó ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣì í nínú ẹyọ, ẹ̀ẹ̀kan nínú àpapọ̀. Ká ní ẹyọ kan péré ló ṣì kọ ni, àpapọ̀ tí òun náà ṣì kọ ì bá bá a mu, a ò bá sì ti yá àga mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni ò ní jókòó lé.

Ẹ má rẹ́rìn-ín ọmọ náà. Mo ti wò ó dáadáa, mo sì rí i pé àrùn-ún gan-an ló ń dalẹ̀ wa. Ẹ wò ó: tí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú ogójì, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn á di 9. Tí a bá yọ èjì, á di 8. Ẹ̀ta á di 7, ẹ̀rin á di 6. Ṣùgbọ́n tí a bá yọ àrùn-ún, 5 náà ló máa kù síbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ "àrùn" tó yára kọ 5 ti gba ìdajì, kò sì sí ohun tó máa ta á lólobó pé ìdajì yòókù ti bàjẹ́. Ogójì ló gbọ́ tẹ̀ lé e, ó sì fi 4 síwájú. Bí 45 ṣe jáde nìyẹn, nọ́ńbà tó dúró bí ọmọlúàbí.

Ohun tí mo sọ fún un ni pé kó má fọwọ́ kan bírò títí ọ̀rọ̀ á fi parí. Ìdí ọ̀rọ̀ ni ilé wà. Nínú márùndínlógójì, ogójì ni ilé, a ò sì tíì dé ilé náà, ó ku ìṣísẹ̀ márùn-ún. Nítorí náà ohunkóhun tí a bá kọ gbọ́dọ̀ kéré sí 40. Ìdánwò kan ṣoṣo tó tó nìyẹn: bí "dín" bá wà nínú ọ̀rọ̀, tí nọ́ńbà tí a kọ sì pọ̀ ju ilé tí a dárúkọ lọ, ká pa á rẹ́.

Márùndínláàádọ́ta le díẹ̀ sí i, torí ìyọkúrò méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan sì fara pamọ́. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ ni ẹ̀wá dín ní ọgọ́ta. Ọgọ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta, 60. Yọ mẹ́wàá, ó ku 50. Tún yọ márùn-ún, ó ku 45. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ márùndínlọ́gọ́ta, tí í ṣe 55. Méjèèjì bẹ̀rẹ̀ bákan náà, wọ́n sì parí sí "ta". Àárín nìkan ni wọ́n ti yà: "láàád" níhìn-ín, "lọ́g" lọ́hùn-ún. Nínú ohùn tí ariwo jẹnẹrétọ̀ bò mọ́lẹ̀, èmi náà lè ṣì í gbọ́. Nírú ibẹ̀, mi ò kì í tijú láti bi Màmá padà pé, "Ṣé ó dín ní àádọ́ta ni àbí ní ọgọ́ta, mà?"

Àwọn kan ń sọ pé ká kúkú máa pe 35 ní márùnlélọ́gbọ̀n, kí gbogbo rẹ̀ rọrùn. Mi ò bá wọn jà. Ọgbọ̀n pẹ̀lú márùn-ún jẹ́ 35 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn àgbà, "lé" kì í kọjá mẹ́rin: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni 34, láti 35 ni a ti yíjú sí ogójì. Ọmọ tí a bá kọ́ ní márùnlélọ́gbọ̀n nìkan, ṣé ẹ ó tún bá a kọ́ Màmá ní tuntun ni?

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, àfi bí ohùn kejì ṣe wọlé. Màmá ti bá àwọn tó ń yáni ní àga dúnàádúrà: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà lórí àga kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi, tó ti gbọ́n báyìí, tó sì rántí pé ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ àrùn-ún dín ní ogún, yọ 5 kúrò nínú ẹgbẹ̀rin. Ó kọ 795.

Ẹ̀bi tèmi nìyí, torí mi ò tíì sọ fún un pé ohun tí a ń yọ máa ń dàgbà. Nínú ẹ̀ẹ́dógún àti ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, 5 ni. Nínú àádọ́ta, àádọ́rin, àádọ́rùn-ún, 10 ni. Nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, 100 ni. Nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta, tí í ṣe 5000, ẹgbẹ̀rún kan odindi ni. Ọ̀rọ̀ náà ti gbé iye tí a yọ mì, ilé tí a ń lọ nìkan ló ń jẹ́ ká mọ̀ ọ́n. Bí ogún-ogún la bá ń kà, ìdajì ogún la ń yọ. Bí igba-igba ni, ìdajì igba. Bí ẹgbàá-ẹgbàá ni, ìdajì ẹgbàá. Nígbà tí a ń ná owó ẹyọ, ogójì ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn á sì di ẹgbàá kan, torí náà àwọn ìdì wọ̀nyí kì í ṣe nǹkan àjèjì lọ́wọ́ ẹni tó ń kà á. (Ẹ̀ẹ́dógún àti ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló ya ara wọn sọ́tọ̀. Wọ́n gbé àrùn-ún mì, ṣùgbọ́n nígbà tó kan 35, a padà sí pípe gbogbo rẹ̀ síta.)

Ẹgbẹ̀rin jẹ́ igba mẹ́rin, 800. Yọ ìdajì igba, ó ku 700.

Lálẹ́ ọjọ́ náà Màmá pè láti sọ iye tí a máa san. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínláàádọ́rin àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni o." Àbúrò mi gbé bírò sílẹ̀, ó di ojú, ẹnu rẹ̀ ń mì: ọgọ́rin, yọ mẹ́wàá, yọ mẹ́rin, ẹgbẹ̀ta, yọ ọgọ́rùn-ún. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mú bírò. Ó kọ 66,500, ó sì fi 95 lọ́nà 700 yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dá Màmá lóhùn.